Ìgbà wo ni bọ́ọ̀tì lè da àyípadà kóòdù pọ̀, ìgbà wo ni kí ó kàn jábọ̀?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́rin ni à ń ṣe ètò orí fóònù fún àwọn tó ń dá àjọ níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Alaalẹ́ ni bọ́ọ̀tì wa ń ka kóòdù, tí ó ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, tí ó sì ń ṣí àbá àyípadà sórí GitHub. Títí di ìsinsìnyí, kò láṣẹ láti da ohunkóhun pọ̀ mọ́ `main`, ẹ̀ka tí kóòdù wa gan-an wà. Ó kàn ń jábọ̀ ni. Àbá 31 ló wà nílẹ̀ báyìí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò, ọ̀gá wa sì ní kí a kúkú fún un láṣẹ. Níbo ni ẹ̀yin fa ààlà sí: irú àyípadà wo ni ẹ ń jẹ́ kí ó dà pọ̀ fúnra rẹ̀, irú èwo ni ẹ ní kí ó gbé wá bá ènìyàn?

Kánmọ́kánmọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ìdánwò bá ti yege, tí wọ́n yọ àmì aláwọ̀ ewé, tí àyípadà náà kò sì ju ogún ìlà lọ, kí ó dà á pọ̀. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó jábọ̀. Oṣù márùn-ún rèé tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, a kò sì tíì kábàámọ̀. Ohun tó ń dá ẹgbẹ́ kékeré lágara ni kí ènìyàn máa fi ojú ka ohun tí ẹ̀rọ ti kà tán. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, `git revert` tó ń dá kóòdù padà ṣì wà níbẹ̀.

Olùkọ́_Ṣábẹ

Ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í ṣe oníkóòdù gidi, olùkọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní ojú-ìwé kékeré kan tí mo fi ń kéde àkókò ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, ní èdè Yorùbá àti Faransé. Mo jẹ́ kí bọ́ọ̀tì kan máa tún àṣìkọ ṣe, kí ó sì máa dà á pọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá ọmọ kan pè mí, tí ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, pé kí ló dé tí mo kọ ọ́ pé «Ọkọ yóò dé ní aago méje». Ọkọ̀ ni mo kọ o! Bọ́ọ̀tì ti yọ àmì ohùn kúrò lórí gbogbo ọ̀ àti ẹ́ tó wà nínú fáìlì náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé «ìyá» àti «àárọ̀» kò bàjẹ́ bákan náà: à àti á wà síbẹ̀, àmì orí ọ̀ nìkan ló lọ. Ọmọkùnrin kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi pé á jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní lẹ́tà tirẹ̀. Ọ ni, pẹ̀lú àmì tí a gbé lé e lórí lọ́tọ̀, èyí tí nọ́mbà rẹ̀ ń jẹ́ U+0300. Bọ́ọ̀tì rí àmì tó dá dúró yẹn, ó sì gbá a dànù bí ìdọ̀tí. Ìdánwò kankan kò sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí àwọn ìdánwò náà ń wò kò ju pé ojú-ìwé ṣí. Láti ìgbà náà ni mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe nìyẹn?

Àgbà_Kétu

Olùkọ́, ẹ kú ìrírí. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọkọ̀ yẹn wà lójú ọ̀nà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kánmọ́kánmọ́, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, nítorí bọ́ọ̀tì tí kò láṣẹ kankan yóò kàn máa kó iṣẹ́ jọ síwájú àwọn tó ń sá fún iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iye ìlà kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ìlà mélòó kan péré ló kó wa sí wàhálà níbi iṣẹ́ kan tí mo ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó bí ó ṣe rí.

A ní àwọn oníbàárà tó ti fọwọ́ sí i pé kí a máa yọ owó wọn lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bọ́ọ̀tì rí i pé láíbúrárì tí a fi ń gba owó ti ní ẹ̀dà tuntun, ó yí nọ́mbà ẹ̀dà náà padà nínú `package.json` àti nínú `package-lock.json`, kò sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Gbogbo ìdánwò yọ àmì ewé. Ó dà á pọ̀ ní aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Nígbà tí ohunkóhun tó bá ti wọ `main` ti ń lọ sórí sáfà fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àṣẹ ìdàpọ̀ tí a fún un ti di àṣẹ láti gbé iṣẹ́ síta, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dà tuntun náà ń sọ iye owó di ìlọ́po 100 kí ó tó fi ránṣẹ́, kí náírà lè di kọ́bọ̀, kí yúrò lè di sẹ́ǹtì. Ó yọ àwọn owó tí kò ní ẹyọ kékeré sílẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó fi ń mọ àwọn owó bẹ́ẹ̀ kò ní sẹ́fà tiwa nínú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ìlànà ISO 4217 sọ ọ́ gbangba pé òǹkà méjì ló wà lẹ́yìn àmì fún NGN, òdo ni fún XOF. Ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ọ̀sẹ̀: ẹni tó yẹ kó san 5,000, a ní kí ó san 500,000. Àwọn oníbàárà 38 ló kàn. Márùn-dín-lógójì nínú wọn kò ní iye bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, nítorí náà ìbéèrè náà kọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ní i.

A kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí a fi dá kóòdù padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ 1,485,000 sẹ́fà tí a ti gbà lé lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta wọ̀nyẹn kò bá `git revert` padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi bẹ ẹni tó ń bá wa gba owó kí ó tó dá a padà, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìyá oníṣòwò tí owó ọjà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí ìdánwò kò fi rí i? Nítorí pé ìdánwò kò bá ẹ̀rọ agbowó gidi sọ̀rọ̀. Ayédèrú agbowó kan ló wà níbẹ̀ tó máa ń dáhùn pé «ó ti wọlé» láìka iyekíye tí a bá fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí a wo ìtàn fáìlì náà, ta ni a rí pé ó kọ ayédèrú yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú? Bọ́ọ̀tì yìí náà ni, nínú àbá kan tó dà pọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ń mú ìdánwò yá kánkán.

Láti ọjọ́ náà, ohun méjì ni mo máa ń bi ara mi, n kò sì ka ìlà mọ́. Èkíní: bí a bá dá kóòdù padà, ṣé gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní àárín ìgbà náà ni yóò padà? Èkejì: àmì ewé tí mo ń wò yìí, ṣé ọwọ́ mìíràn yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀tì ló fi ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lélẹ̀? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó dà á pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ rárá, kí ó jábọ̀. Ẹ wo ti Olùkọ́: àyípadà rẹ̀ ṣeé dá padà láìsí àbùkù ju ẹ̀rín lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò kankan tó mọ̀ pé àmì ohùn ní ìtumọ̀. Kò yẹ kí a gba àṣẹ náà pátápátá. Ó yẹ kí a kọ ìdánwò kan tí yóò ka iye U+0300 àti U+0301 tó wà nínú fáìlì Yorùbá, tí yóò sì kọ̀ bí iye náà bá dín kù.

Kánmọ́kánmọ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti owó yẹn, ó bani nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ìbéèrè méjì yín wọn gbogbo nǹkan, kí ni yóò kù tí bọ́ọ̀tì lè ṣe? Kò sí ohun tí kò lè ba nǹkan jẹ́ bí a bá rò ó dé òpin.

Àgbà_Kétu

Ó kù, kò sì kéré. Ẹ̀dà tuntun irinṣẹ́ tí àwa nìkan ń lò lórí kọ̀ǹpútà wa, bí èyí tó ń to kóòdù lẹ́sẹẹsẹ, kò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ìwé àlàyé tí a ń mú jáde láti inú kóòdù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni yíyọ ìlà `import` tí kò wúlò mọ́, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí a kọ́ jáde lẹ́yìn rẹ̀ bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu láìyẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ mi ti báyìí, nǹkan bí ìdajì àbá tí bọ́ọ̀tì ń ṣí ló bọ́ sí àárín ìwọ̀nyí. Ìdajì kejì ni à ń kà.

Àbúrò Àjàṣẹ́, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o má kọ ààlà yìí sínú ìlànà tí o fún bọ́ọ̀tì nìkan. Ohun tí o bá sọ fún un, ó lè ṣì í gbọ́. Orí GitHub fúnra rẹ̀ ni kí ààlà náà wà, lórí ẹ̀ka `main`, kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀tì má sì sí nínú àwọn tó lè fò ó. Tiwa rí báyìí nínú `.github/CODEOWNERS`, fáìlì tó ń sọ ẹni tó ń ṣọ́ àpò kọ̀ọ̀kan:

```
/.github/      @oga-eto
/migrations/   @oga-eto
/owo/          @oga-eto
/tests/owo/    @oga-eto
```

Fáìlì yìí nìkan kò dá ẹnikẹ́ni dúró o. Àfi kí o yan «Require review from Code Owners» nínú ìlànà ẹ̀ka náà. Ìlà kìíní ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Fáìlì tó ń pàṣẹ irú ìdánwò tí yóò ṣiṣẹ́ wà nínú `.github/workflows`, èyí tó sì wà nínú àbá náà gan-an ni GitHub máa ń lò bí a bá fi `pull_request` ṣí i. Bọ́ọ̀tì tó bá lè yí i padà lè mú ìdánwò kúrò lọ́nà kí ó tó kọjá. CODEOWNERS ní tirẹ̀, ti ẹ̀ka tí a fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ ni GitHub ń kà, nítorí náà àbá kan kò lè yọ ara rẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́.

Ìyálájé_Kóòdù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ń ka ohun tí ẹ kọ, mo sì ń ka ìtàn yín. `package.json` àti `package-lock.json` nìkan ni bọ́ọ̀tì yín fọwọ́ kàn ní òru ọjọ́ náà, àbí? Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn fáìlì méjì yìí nínú ìlà mẹ́rin tí ẹ tò síbẹ̀. Pẹ̀lú ààlà yìí, owó yẹn yóò tún lọ.

Àgbà_Kétu

O mú mi. Mo ké e kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn fáìlì méjèèjì wà nínú tiwa gan-an, ṣùgbọ́n mo yọ wọ́n nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Bí mo bá fi wọ́n sábẹ́ ìṣọ́, irinṣẹ́ tó wà lábẹ́ `devDependencies`, tí mo sọ pé kí bọ́ọ̀tì dà pọ̀, yóò tún di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, nítorí inú fáìlì kan náà ni wọ́n wà. Orúkọ fáìlì kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí a gbìyànjú ni ìdánwò kan tó ń fi `dependencies`, ibi tí láíbúrárì tó ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà wà, ti ẹ̀ka méjèèjì wé ara wọn, tí ó ń kọ̀ bí wọ́n bá yàtọ̀ àfi bí ènìyàn bá fi àmì «mo ti wò ó» sí àbá náà. Ó dára títí a fi rí i pé kọ́kọ́rọ́ tó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀tì kọ nǹkan sórí àbá náà ló ń jẹ́ kí ó lè fi àmì sí i. A padà sí kí ènìyàn máa wo gbogbo àyípadà tó bá kan fáìlì méjèèjì, títí kan ti irinṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ kà mọ́ ti bọ́ọ̀tì. N kò ní ọ̀nà tó dára ju èyí lọ lónìí.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn owó yẹn ni mo lọ ṣí àbá kan tí bọ́ọ̀tì wa sọ pé ìdánwò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti yege. Mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ìkẹsàn-án ni èyí tó ń yẹ ìṣirò àjọ wò, ohun tí mo sì rí níwájú rẹ̀ ni «Skipped», àmọ́ ó wà lára ohun tí a ní kó jẹ́ dandan, GitHub sì jẹ́ kí bọ́tìnnì ìdàpọ̀ ṣí. Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Ìyálájé_Kóòdù

Wo inú fáìlì ìdánwò náà, ìwọ yóò rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `if:` lórí iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ tí `if` bá fò, GitHub kà á sí èyí tó yege, kì í dí ìdàpọ̀ lọ́nà. Bí ó bá ṣe pé gbogbo fáìlì náà ni `paths` kò jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀, òdìkejì ni: yóò dúró sí «Pending» títí, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún èkejì wọnú èkíní láìmọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí iṣẹ́ náà máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ó sì pinnu nínú ara rẹ̀ bóyá ohun kan wà láti yẹ̀ wò.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àbá 31 rẹ, nítorí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé jíjábọ̀ kò léwu. Ìjábọ̀ tí ẹnìkan kò kà kò yàtọ̀ sí kí bọ́ọ̀tì má ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, àtúnṣe ààbò kan wà láàárín irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ihò náà sì ṣí ní gbogbo àkókò yẹn. A wá dín ohun tí bọ́ọ̀tì lè kọ kù sí ìlà mẹ́ta: ohun tó yí padà lójú oníbàárà, ohun tí òun kò lè yẹ̀ wò, àti bí a ṣe lè dá a padà. Ìlà kejì ni ènìyàn ń kà. Bí ó bá jẹ́ pé ti Àgbà ni, ìbá kọ ọ́ pé «n kò bá agbowó gidi sọ̀rọ̀», olórí wọn ìbá sì jí.

Kánmọ́kánmọ́

Ìyálájé, ọ̀rọ̀ ààbò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbà pẹ̀lú mi. Àtúnṣe ààbò kò yẹ kó dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ó wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ìyálájé_Kóòdù

Mo gbà fún ọ ní ìdajì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn ọ̀daràn gba àkáǹtì ẹni tó ni láíbúrárì `ua-parser-js` lórí npm, ibi tí a ti ń gba láíbúrárì JavaScript, wọ́n sì gbé ẹ̀dà 0.7.29 jáde pẹ̀lú kóòdù olè nínú. Bí ẹ̀dà kékeré lásán ni nọ́mbà rẹ̀ rí. Láàárín wákàtí mélòó kan ni wọ́n ti rí i, tí wọ́n sì fi ẹ̀dà tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí bọ́ọ̀tì wọn yára ló kó o sílé. Àwọn tó dúró kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Irú ewu bẹ́ẹ̀ ni ìṣètò kan nínú Renovate, bọ́ọ̀tì tó ń mú ẹ̀dà tuntun láíbúrárì wá, wúlò fún, tí a fi ń sọ pé kí ẹ̀dà kan pé ọjọ́ mélòó kan kí a tó fọwọ́ kàn án:

```
"minimumReleaseAge": "3 days"
```

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta yìí náà ni ẹni tó ti mọ ihò lè fi wọlé sí ọ lára. Èmi ń jẹ́ kí àtúnṣe ààbò tó ní nọ́mbà CVE, nọ́mbà tí a fi ń dá ihò ààbò tí a ti kéde mọ̀, pe ènìyàn lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, kí ẹni náà sì pinnu. N kò jẹ́ kí bọ́ọ̀tì dà á pọ̀.

Àgbà_Kétu

Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo fẹ́ fi kún un nìyí, nítorí mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ènìyàn ka àbá kan, ó fọwọ́ sí i, ó sì lọ jẹun. Bọ́ọ̀tì rí àṣìṣe kékeré kan, ó fi kọ́míìtì mìíràn kún un, ó wá da àpapọ̀ rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí tí a fún ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tó wọlé kì í ṣe ohun tí a kà. Yan «Dismiss stale pull request approvals when new commits are pushed», kí o sì jẹ́ kí àṣẹ tí bọ́ọ̀tì ń pa mú nọ́mbà kọ́míìtì tí ènìyàn kà dání:

```
gh pr merge 212 --squash --match-head-commit "$SHA"
```

Bí orí ẹ̀ka náà bá ti yí padà, àṣẹ yìí yóò kọ̀.

Olùkọ́_Ṣábẹ

Àgbà, mo ti ní kí ọmọkùnrin yẹn bá mi kọ ìdánwò àmì ohùn. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan lónìí, ó sì tọ̀nà: èmi fúnra mi ni mo kọ «ọkọ» níbi tí «ọkọ̀» yẹ kó wà.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Bí a ṣe ṣe é títí di alẹ́ òní nìyí. Mo mú `if:` kúrò lórí ìdánwò àjọ, ó sì pupa lójú ẹsẹ̀ lórí méjì nínú àbá 31 náà. Ìwé àlàyé àti `import` ni bọ́ọ̀tì lè dà pọ̀ báyìí, mọ́kànlá sì ti wọlé. Gbogbo ohun tó bá kan láíbúrárì, àká dátà tàbí ìṣirò owó ń wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìlà mẹ́ta Ìyálájé. Ohun tí èmi àti ọ̀gá kò tíì fẹnu kò lé lórí ni ẹni tí fóònù yóò máa dún sí ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta nígbà tí CVE bá dé. Ó ní èmi ni. Èmi ní òun ni.

Kánmọ́kánmọ́

Ẹ jẹ́ kí ó dún sí àwọn méjèèjì. Mo ń lọ tẹ àwọn ìdánwò tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan.